Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Yàrá Kẹ́mísìrì: Agbára Omi Eérú Èèpo Kòkó àti ti Eérú Igi

Ẹgbẹ́ Kẹrin, kíláàsì kẹ́mísìrì ọdún kìíní, Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé 13 àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14, oṣù Èbìbí 2024

Ìdí iṣẹ́

Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Ohun aláwọ̀ tí a ń rí lára ewé èlú ní láti kọ́kọ́ pàdánù àwọ̀ búlúù rẹ̀ nínú ìkòkò kí ó tó lè yọ́, omi eérú ló sì ń gbà á láyè láti yọ́. Bí aṣọ bá jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án, àwọ̀ á padà. Ìdí nìyí tí aláró fi ń ṣọ́ eérú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ owó.

Ìyá ìyá ọ̀kan nínú wa ti rẹ aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a sọ fún wọn pé a fẹ́ lo èèpo kòkó, wọ́n ní, "Ẹ rọra o. Ti kòkó kì í gbà tó ti igi. Bí ẹ bá bù ú bí ẹ ṣe ń bu ti igi, ẹ ti bà á jẹ́." Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwa ò gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kan ohunkóhun ní yàrá, nítorí náà a fi ásíìdì wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá bu eérú méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, tí a fi omi kan náà sẹ́ wọn, èwo ló ń gba ásíìdì jù, ìlọ́po mélòó sì ni?

Bí a ṣe ṣe é

Eérú A jẹ́ ti èèpo kòkó gbígbẹ láti oko kan lójú ọ̀nà Iléṣà. Inú agolo nínú àgbàlá la ti sun ún títí tí kò fi ní èédú mọ́ lójú. Eérú B jẹ́ ti ààrò ilé oúnjẹ kan tó ń fi igi dáná. Igi oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò, a ò sì lè sọ irú igi tó wà níbẹ̀. A fi asẹ́ kan náà jọ méjèèjì.

Ní ọjọ́ Ajé, a wọn eérú kọ̀ọ̀kan ní 50 gíráàmù sínú bíkà, a da omi tí a sè tí a sì jẹ́ kí ó tutù lé e ní 500 mílílítà, a rò ó fún ìṣẹ́jú 10, a sì bò ó di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ a fi àrọ àti pépà asẹ́ sẹ́ ẹ. A kò fún eérú tó kù, a kò sì da omi mìíràn lé e.

A fa 25 mílílítà nínú omi eérú A, a sì fi omi kún un dé 250 nínú fílásíìkì oníla. A kọ́kọ́ ṣe ti B bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ ásíìdì tí ó gbà nígbà ìdánwò àkọ́kọ́ kéré jù, àṣìṣe díẹ̀ nínú kíkà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jẹ. A da èyí nù, a fa 50 mílílítà B dípò 25, a sì kún un dé 250.

Nínú omi tí a ti fẹ̀ yìí, a fa 25 mílílítà fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan. A ta fẹnọftalíìnì ìkán 2 sí i, a sì ń da HCl 0.10 móòlù nínú lítà kan láti inú bùrẹ́ẹ̀tì títí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ fi lọ. Iye tí a kà ní ibẹ̀ ni V1. Láìtún bùrẹ́ẹ̀tì kún, a ta mẹ́táìlì ọ́réńjì ìkán 2 sí i, a sì ń dà á lọ títí àwọ̀ ìyeyè fi di ti ọsàn. Àpapọ̀ ásíìdì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀ ni V2. A lo iye tí wọ́n kọ sára ìgò ásíìdì náà, a kò fi ohun mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, a da HCl tó le díẹ̀ sórí omi eérú A tí a kò fẹ̀ nínú túùbù ìdánwò. Túùbù tín-ín-rín la fi gba èéfín tó jáde kọjá sínú omi ẹfun aláìlábàwọ́n. A fi pépà píẹ́ẹ̀jì kan omi eérú méjèèjì tí a kò fẹ̀.

Èsì

Omi A ní àwọ̀ bíi tíì tí a ò fi mílíìkì sí. Omi B fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ó kàn pọ́n díẹ̀. Nígbà tí a fẹ̀ wọ́n tán, a kò rí àwọ̀ nínú èyíkéyìí.

Ìwọ̀n tó wà nínú tábìlì yìí jẹ́ mílílítà.

| Ìdánwò | V1 | V2 |
|---|---|---|
| A, 1 | 9.30 | 18.20 |
| A, 2 | 9.25 | 18.10 |
| A, 3 | 9.80 | 18.75 |
| A, 4 | 9.35 | 18.15 |
| B, 1 | 3.65 | 7.20 |
| B, 2 | 3.60 | 7.25 |
| B, 3 | 3.70 | 7.15 |

Nínú ìdánwò A kẹta, a rí afẹ́fẹ́ kan ní ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì kí a tó bẹ̀rẹ̀. A wò ó lẹ́yìn tí a kà V1, afẹ́fẹ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. A fi í sínú tábìlì nítorí pé a ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí nínú àròpín. Àròpín A láti inú 1, 2 àti 4: V1 = 9.30, V2 = 18.15. Àròpín B láti inú mẹ́ta: V1 = 3.65, V2 = 7.20. B tí a fẹ̀ jù tí a dà nù gba 3.60 ní V2, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì ṣe é.

Ní ìdánwò A kejì, ẹni tó ń di fílásíìkì mú ní àwọ̀ pupa ti lọ ní 9.15, ẹni tó ń kà ní kò tíì lọ. Àfìgbà tó di 9.25 ni àwọn méjèèjì fẹnu kò.

Nígbà tí a da ásíìdì tó le sórí omi A, ó hó bí ẹmu tuntun. Omi ẹfun tí èéfín náà gbà kọjá di funfun bíi wàrà. Pépà píẹ́ẹ̀jì fi 12 hàn fún A, ó fi 11 hàn fún B.

Ìtumọ̀

Títí dé ibí yìí, a kò tíì dárúkọ ohun tó wà nínú eérú. Bùrẹ́ẹ̀tì mọ iye ásíìdì tó jáde. Kò mọ ẹni tó mu ún. Ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀ yìí jẹ́ èrò wa nípa ẹni náà, a sì lè ṣì í.

Èéfín tó sọ omi ẹfun di wàrà ni a gbà pé ó jẹ́ kábọ́nù dáyọ́kísáìdì, nítorí náà kábónéètì wà nínú omi A. A kò ṣe ìdánwò yìí fún B, bí a bá sì sọ ohun kan náà nípa rẹ̀, àfojúdá la ṣe, kì í ṣe èsì.

Ásíìdì ń jẹ kábónéètì ní ìpele méjì:

CO3²⁻ + H⁺ → HCO3⁻
HCO3⁻ + H⁺ → CO2 + H2O

Fẹnọftalíìnì ń fi òpin ìpele àkọ́kọ́ hàn, mẹ́táìlì ọ́réńjì ń fi òpin èkejì hàn. Bí kábónéètì nìkan bá wà níbẹ̀, V1 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì V2. Ìdajì 18.15 jẹ́ 9.08, àwa rí 9.30. Ó wù wá láti kọ ọ́ pé háídírókísáìdì díẹ̀ wà nínú omi eérú kòkó, tí ó bá iye 2V1 − V2 mu, ìyẹn 0.45 mílílítà. A kò ní kọ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni méjì yà sọ́tọ̀ ní 0.10 lórí àwọ̀ pupa kan ṣoṣo, ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ náà sì ni 0.20 nínú 2V1 − V2. Bí àwa méjèèjì bá jọ ń pẹ́ kí a tó dáwọ́ ásíìdì dúró, 0.45 lè ti ibẹ̀ wá. A fi í sílẹ̀ ní "ó ṣeé ṣe". Ti B jẹ́ 0.10, èyí kò tó ohun tí a ń jiyàn lé lórí.

Bí a bá wá gbà pé gbogbo ásíìdì náà lọ sọ́dọ̀ pọtásíọ̀mù kábónéètì, K2CO3, tí móòlù rẹ̀ kan wọn 138.2 gíráàmù, ìṣirò A nìyí: 18.15 mílílítà HCl jẹ́ 0.001815 móòlù, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.0009075 móòlù K2CO3 nínú 25 mílílítà tí a fẹ̀. Ìlọ́po 10 fún fífẹ̀ àti ìlọ́po 20 fún 500 mílílítà mú un dé 0.1815 móòlù, ìyẹn 25.1 gíráàmù láti inú eérú 50 gíráàmù. Ní ọ̀nà kan náà, ti B jẹ́ 0.036 móòlù, 4.98 gíráàmù. Bí 50 nínú 100 eérú kòkó bá jẹ́ K2CO3, 10 nínú 100 ni ti igi. Sódíọ̀mù kábónéètì lè wà nínú wọn pẹ̀lú, bó bá sì wà, gíráàmù wọ̀nyí yóò pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ìlọ́po márùn-ún ni a fọkàn tán jù. Bí HCl inú ìgò kò bá jẹ́ 0.10 ní pàtó, iye gíráàmù A àti B yóò jọ ṣìnà lápá kan náà, ìlọ́po yóò sì dúró níbi tó wà. Ìgò kan náà ló fọn sórí méjèèjì. Ohun tí ìlọ́po yìí kò lè sọ ni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eérú igi ṣe rí. Ààrò kan ni B ti wá.

Pépà píẹ́ẹ̀jì fi 12 àti 11 hàn, ó sì rọrùn kí ènìyàn rò pé nǹkan kékeré ni ìyàtọ̀ wọn. Pépà náà kò gbọ́n tó láti ya omi tó gba ásíìdì ìlọ́po márùn-ún sọ́tọ̀, ó kàn ń sọ bí ó ti korò lójú ẹsẹ̀, kì í sọ bí ó ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò. A kò fi í gbe ìdáhùn wa lẹ́sẹ̀.

Sí ìyá aláró: níbi tí wọ́n ti ń bu eérú igi irú B márùn-ún, ẹyọ kan irú A ló bá a dọ́gba nípa gbígba ásíìdì. A kò rẹ aṣọ kankan. A ò mọ bí àwọ̀ tíì inú omi A yóò ṣe bá aró gbé, a ò sì kan èlú rárá. Wọ́n ti ní kí a mú ìgò kékeré wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́jọ́ Sátidé, pé ìkòkò kan wà lẹ́yìnkùlé tí àwọn kò lò.