Ọ̀rọ̀ tí alága sọ kí ẹnjinníà tó gba máìkì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Tẹ́ ò bá gbọ́, ẹ juwọ́ o, torí máìkì yìí, ìgbà tó bá wù ú ló ń sọ̀rọ̀. Ó dáa.

Mo rí páálí tí wọ́n gbé sókè lápá òsì yẹn, mo ti kà á, "ẸNI TÓ TI Ọ̀NÀ WA TÚN DÉ". Ìwé ẹ̀ hàn kedere. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ gbé e dání títí a ó fi parí, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kí màmá tó jókòó lẹ́yìn yín náà ríran.

Ẹni tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí, orúkọ wọn wà lórí pépà tẹ́ ẹ gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnjinníà ọ̀nà ni màdámù, ọdún 19 rèé tí wọ́n ti ń ya oríta, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárọ̀ kùtù, wọ́n á máa ka mọ́tò, èyí tó yà sọ́tùn-ún, èyí tó yà sósì, ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tí wọ́n tì lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn náà ló ya pílánì ẹ̀. Oṣù 4 ni wọ́n sọ fún wa nígbà yẹn, oṣù 11 ló gbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi wọ́n, ẹ bi wọ́n, mi ò ní bá wọn dáhùn ẹ̀, wọ́n lẹ́nu.

Àwọn kọ́ ló ní káwọn wá o. Àwa la kọ̀wé pè wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì la kọ ọ́, torí pílánì tuntun tó fẹ́ yọ tíráfíìkì láìtì kúrò ní oríta ńlá yẹn kí wọ́n fi ráńdábáòtù síbẹ̀, tí èèyàn 180 nínú wa sì ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́. Ìwé ọ̀hún wà lórí tábìlì níwájú wọn. Wọ́n ti kà á.

Ohun mẹ́ta ni mo ní kí wọ́n bá wa sọ. Àkọ́kọ́, ibi tí mọ́tò ti lè gbá mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ya oríta mẹ́rin sórí pépà, tẹ́ ẹ fa ilà gbogbo ibi tí mọ́tò lè gbà, tẹ́ ẹ wá ka ibi tí àwọn ilà yẹn ti dábùú ara wọn, ti pàdé, tàbí ti pínyà, 32 ni. Ti ráńdábáòtù oníláìnì kan, 8 ni. Èmi náà fi bírò ya á lánàá, mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Bóyá ó bá oríta tiwa mu àbí kò bá a mu, màdámù lẹ ó bi.

Ìkejì, ta ló máa kọ́kọ́ lọ. Lọ́dún 1966 ni ìjọba Bìrìtéènì sọ ọ́ dòfin pé ẹni tó ń bọ̀ wọnú ráńdábáòtù ni kó dúró de ẹni tó ti wà nínú ẹ̀, torí tẹ́lẹ̀, tí gbogbo wọn bá ti já wọ̀ ọ́, ó máa ń há gádígádí ni. Màdámù máa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àwọn awakọ̀ wa ò bá dúró.

Ìkẹta ló ká mi lára jù, kí n má parọ́. Bàbá kan wà láàárín wa tí kò ríran, pí-pí-pí tí láìtì yẹn ń ké ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n lè sọdá. Ráńdábáòtù kì í ké, mọ́tò kì í sì í dúró síbẹ̀ bí ti láìtì. Bàbá ló máa kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè lónìí, mo ti gbé àga wọn síwájú.

Ogún ìṣẹ́jú ni màdámù ní, ogójì ìṣẹ́jú ni tiyín. Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí gbólóhùn, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sí wọn lójú. Èébú ò sí o, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n á ti gbọ̀ngàn yìí, èébú á jẹ nínú ogójì yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí èmi alága wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó dúró dìgbà tá a bá dìbò.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́. Màdámù, ẹ máa bọ̀, máìkì rèé, ẹ sún un mọ́ ẹnu dáadáa.