Ọ̀rọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè fún ẹ̀yin tó ń gun sikáfóòdù

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kúrò lábẹ́ sikáfóòdù yẹn ná, ẹ máa bọ̀ níwájú búlọ́ọ̀kù níbí. Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má dúró. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lápò, mi ò ní pẹ́.

Òjò àná, gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe rọ̀. Mo ti wà ní sáìtì láti aago mẹ́fà ààbọ̀, mo yí ilé yìí po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé apá gọ́tà, ẹsẹ̀ kẹta láti igun, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pákó tá a fi tẹ́ ẹ, omi ti gbé iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ẹ̀ lọ, ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Páìpù yẹn ò dúró lórí nǹkan kan mọ́, ńṣe ló ń rọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkèèrè ẹ ò ní mọ̀, ó dúró ṣánṣán. Ẹni méjì pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ogún ló máa gùn ún kó tó jọ̀wọ́ ara ẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe so táàgì pupa mọ́ àkàbà apá ibẹ̀. Pupa ni o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn ún, kódà kó jẹ́ pé irinṣẹ́ ẹ lo gbàgbé sókè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ní kí wọ́n yẹ sikáfóòdù wò kí wọ́n tó kọ́kọ́ lò ó, kí wọ́n tún máa wò ó ní ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 7, ó pẹ́ tán, àti lẹ́yìn òjò tàbí ìjì tó lè ti ba nǹkan jẹ́. Àwa níbí, pẹ̀lú irú ilẹ̀ tá a ní yìí, àràárọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ Sátidé mo bá kìlíìpù mẹ́rin nílẹ̀ẹ́lẹ̀, páìpù kan tó yẹ kó dábùú sì fara ti ògiri. Ẹnì kan tú u kó lè rọ́nà gbé hẹ́dípáànù kọjá, iṣẹ́ parí, ó relé. Mi ò bèèrè ẹni tó ṣe é o, mi ò sì ní bèèrè. Àmọ́ páìpù tẹ́ ẹ rí tó dábùú yẹn, òun ló di gbogbo ẹ̀ mú kó má fì sọ́tùn-ún fì sósì. Tó bá dí yín lọ́nà, ẹ pe àwọn tó kàn án, àwọn ló ní sípánà, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú sí ẹni tó bá pè wọ́n.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe lébírà, ẹ̀gbọ́n kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bíríkìlà tó mọṣẹ́ dáadáa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ni ilé yẹn. Pákó tó dúró lé yọ kọjá páìpù tó gbé e tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kò sẹ́ni tó dè é. Ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ kó lè wo okùn ẹ̀ bóyá ó tọ́, ó tẹ etí pákó, pákó sì gbé orí kejì sókè lójijì. Mo wà nílẹ̀, mo ń po sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ ìró ẹ̀ kí n tó wòkè. Ìdí ló fi balẹ̀. Látọjọ́ yẹn kò to búlọ́ọ̀kù mọ́. Ibi tó ti já ò tó mítà mẹ́rin.

Torí náà pákó wa tó nípọn tó ínṣì kan ààbọ̀ yìí, kò gbọdọ̀ yọ kọjá páìpù ju ínṣì 6 lọ, ẹ sì fi wáyà dè é lórí méjèèjì. Èyí tó bá ti sán, ẹ má fi kun bò ó, ẹ gbé e kúrò. Irin ìdíwọ́ ní ìwọ̀n mítà kan sókè, òmíràn láàárín, pákó ìdènà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà lọ́mọ nílé.

(Gbé háńẹ́ẹ̀sì sókè kí gbogbo wọn rí i.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàn án tẹ́ ẹ sì ń tú u, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí, torí ẹ máa ń dé ibi tí irin ìdíwọ́ ò tíì sí. Okùn itan méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní dídì. Ibo lẹ máa fi húùkù há? Òkè orí. Okùn yìí gùn ní mítà méjì. Tó o bá há a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, wà á já kọjá ibi tó o há a sí, wà á tún já gígùn okùn yẹn, àpò kékeré ara okùn, tó máa ń tú kó lè dín agbára ìjábọ́ kù, á tún nà ju mítà kan lọ, ara ẹ náà tún ń fà sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní lo wà, ilẹ̀ ti gbà ẹ́ kí okùn tó gbà ẹ́. Ẹ má há a mọ́ pákó, ẹ má há a mọ́ páìpù omi. Háńẹ́ẹ̀sì tó bá ti gba èèyàn lẹ́ẹ̀kan, a máa gé e sọnù ni.

Tẹ́nì kan bá já tó sì ń rọ̀ dirodiro, ẹ má dúró máa wò ó pé ṣebí okùn ti gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ́ lọ sẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa dákú. Àkàbà gígùn yẹn ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, òun la máa fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ kíá, kẹ́nì kan sì máa pe 767 tàbí 112.

Apá títì, wáyà Nẹ́pà tó wà níbẹ̀ yẹn, iná ńlá ló wà lára ẹ̀, kì í ṣe dandan kí páìpù kàn án kó tó pààyàn. Ẹni méjì ni kó máa gbé páìpù lọ́hùn-ún, ní ìdùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nà án dúró.

Ẹ so àkàbà mọ́lẹ̀, kó sì yọ mítà kan kọjá ibi tẹ́ ẹ máa bọ́ sí. Ọwọ́ òfìfo lẹ máa fi gùn ún, ẹrù yín á gba orí púlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Paraga àárọ̀ àti tírámádọ́ọ̀lù, mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń lò ó, iṣẹ́ yìí le. Àmọ́ tí òòyì bá ń kọ́ ẹ, tàbí o ò sùn mọ́jú, wá bá mi jẹ́ẹ́jẹ́. Màá fi ẹ́ síbi sísẹ́ yanrìn lónìí, owó ẹ ò ní dín kọ́bọ̀. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́.

Ó yá, ẹ wọ háńẹ́ẹ̀sì, méjì méjì, kí oníkálukú wo ẹ̀yìn ẹnìkejì ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ mú ṣọ́bìrì àti pákó tó fẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sápá gọ́tà.