Aláìsàn Márùn-ún: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Hẹmoglóbínì, Kiriatiníìnì àti Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Funfun

Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ná. Ìwọ̀n tí a ó lò fún àgbàlagbà nìyí: hẹmoglóbínì ọkùnrin 13–17 g/dL, ti obìnrin 12–15, kiriatiníìnì, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, 60–110 µmol/L, sẹ́ẹ̀lì funfun 4–11 ×10⁹/L. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé àyẹ̀wò kan sí òmíràn.

Ìbéèrè 1

Obìnrin ẹni ọdún 34. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti oṣù mẹ́ta, nǹkan oṣù rẹ̀ sì máa ń pọ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọlé, kò mí gúlegúle. Hẹmoglóbínì 7.8, kiriatiníìnì 68, sẹ́ẹ̀lì funfun 6.2. MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi sí, jẹ́ 66 fL. Ó yẹ kó wà láàárín 80 sí 100. Kí ló fà á? Ṣé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára?

*Ìdáhùn:* Sẹ́ẹ̀lì pupa kéré, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ lóṣooṣù: èròjà áyọ́ọ̀nù ló ṣeé ṣe jù kó ti tán lára rẹ̀. Ẹ yẹ fẹ́rítíìnì wò, ìyẹn èyí tó ń fi áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́ hàn. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rí ti dé. Tí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ má tíì dá áyọ́ọ̀nù láre, torí àkóràn àti ara wíwú máa ń gbé fẹ́rítíìnì sókè. Ní ti ẹ̀jẹ̀ fífà, 7.8 nìkan kọ́ ni yóò pinnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí wọlé, ara rẹ̀ ti mú un mọ́ra. Oògùn áyọ́ọ̀nù ni kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tó ń mú nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè 2

Ọkùnrin ẹni ọdún 72. Ó ti ń bì, ó ti ń ṣu gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń lo lisinopírìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń fi àìbùpurófẹ́ẹ̀nì pa ìrora orúnkún. Kiriatiníìnì 214, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 88 ni. Hẹmoglóbínì 16.9, tẹ́lẹ̀, 14.2 ni. Sẹ́ẹ̀lì funfun 12.6. Kí ni kiriatiníìnì àti hẹmoglóbínì ń sọ?

*Ìdáhùn:* Kiriatiníìnì ti di ìlọ́po 2.4 ti àtijọ́. Kíndìnrín farapa lójijì nìyẹn, ìpele kejì. Èsì àtijọ́ yẹn ló níye lórí jù nínú ìwé yìí. Ẹ máa wá irú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi ara tó gbẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oògùn méjèèjì sì dá kún un: wọ́n ń ba ọ̀nà tí kíndìnrín fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ bá dínkù. Ẹ dá méjèèjì dúró, ẹ fún un lómi, ẹ yẹ pọtásíọ̀mù wò kíákíá.

Hẹmoglóbínì 16.9 kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ki torí omi ti dínkù nínú rẹ̀.

*Ẹ tẹ̀síwájú:* Lẹ́yìn omi ọjọ́ méjì, kiriatiníìnì di 121, hẹmoglóbínì di 11.8. Ṣé omi nìkan ló fà á?

*Ìdáhùn:* Tó bá jẹ́ omi nìkan, ì bá padà sí nǹkan bí 14. Ó ti lọ sísàlẹ̀ ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, torí àìbùpurófẹ́ẹ̀nì lè dá egbò sí ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò níbẹ̀. Gbígbẹ omi ara ti bo ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè 3

Ọkùnrin ẹni ọdún 58 tó ní ikọ́ fée, ó ti lo pẹrẹdinisólónì fún ọjọ́ márùn-ún. Ara rẹ̀ ti ń yá, kò sí ibà. Sẹ́ẹ̀lì funfun 15.1, niutirófíìlì, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé àkóràn ni?

*Ìdáhùn:* Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà ni. Ó máa ń lé niutirófíìlì kúrò lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Ẹ má torí 15.1 nìkan fún un lóògùn apakòkòrò.

Ìbéèrè 4

Obìnrin ẹni ọdún 49, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tó gba oògùn jẹjẹrẹ. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.6 °C. Sẹ́ẹ̀lì funfun 0.9, niutirófíìlì 0.2, hẹmoglóbínì 9.4, kiriatiníìnì 75. Fọ́tò àyà mọ́. Ṣé ó lè lọ sílé?

*Ìdáhùn:* Rárá! Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí kòkòrò, kí oògùn apakòkòrò sì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Niutirófíìlì ló ń sọ ojú àkóràn di èyí tó ń ṣọyún. Nígbà tí kò sí, fọ́tò lè mọ́, ọ̀fun lè mọ́, kí kòkòrò sì ti gba inú ẹ̀jẹ̀. Ibà yẹn lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí ẹ ó rí.

Ìbéèrè 5

Ìyá àgbà ẹni ọdún 83, ìwọ̀n rẹ̀ 39 kg. Kiriatiníìnì 92, èsì yòókù dára. Wọ́n fẹ́ fún un ní jẹntamáísìnì, oògùn apakòkòrò kan. Ṣé kíndìnrín rẹ̀ dára?

*Ìdáhùn:* Láti inú iṣan ara ni kiriatiníìnì ti ń wá, iṣan ìyá yìí sì ti tán lára rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò Cockcroft-Gault, èyí tó ń fi ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara àti kiriatiníìnì fojú bu bí kíndìnrín ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ sí:

```
(140 − 83) × 39 × 1.04 ÷ 92 = 25 mL/min
```

Bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí gan-an nìyẹn, ó kéré púpọ̀. Jẹntamáísìnì lè pa kíndìnrín àti etí lára. Ẹ wá oògùn mìíràn tó bá wà. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì gùn sí i, kí ẹ sì wọn oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó tún fún un.