Kajú láti ìdí igi dé inú àpò: ìwé ìléwọ́ fún ẹ̀yin àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kajú ní Tákìé, àti fún àwọn ará ilé yín tí kò ráyè wá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà lójú síláìdì, ẹnu ni mo fi ṣe àlàyé tó kù. Ọ̀pọ̀ yín ló fi fóònù ya síláìdì, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ ìdí tí a fi ní kí ẹ ṣe nǹkan báyìí. Mo wá kọ àlàyé náà sílẹ̀ ní ìpínrọ̀-ìpínrọ̀, bí síláìdì ṣe tẹ̀ léra lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó ní àwòrán lórí fóònù lè máa wò ó bó ti ń kà á.

Síláìdì 1. Àkọlé nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo sọ nígbà tó wà lójú ògiri ni pé iye tí alágbàtà máa san lórí kajú yín, ọwọ́ yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ tí kóró bọ́ sílẹ̀ sí ọjọ́ tí ẹ rán ẹnu àpò ni owó ti ń wọlé tàbí tó ń jò dànù. Bí kajú bá ti dórí ìwọ̀n, kò sí àrọwà tó lè tún un ṣe mọ́.

Síláìdì 2. Igi kajú tó ń so ni ẹ rí. Ilẹ̀ Bùràsíìlì ni igi yìí ti wá, àwọn Pọtogí ló sì gbé e dé Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ẹbí kan náà ni òun àti máńgòrò. Ohun rírọ̀ tí àwọn ọmọ máa ń mu, tó pupa tàbí tó dà bí àwọ̀ ọsàn, igi ìdí òdòdó ló wú tó rí bẹ́ẹ̀. Kóró tó so rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èso gan-an. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé kóró máa ń tóbi tán kí ohun rírọ̀ yẹn tó wú. Ẹni tó bá wo títóbi kóró lórí igi, tó sọ pé ó ti gbó, ó lè ṣìnà.

Síláìdì 3. Ọ̀pọ̀ kajú tí a ń kó jáde ní Nàìjíríà, tèèpo-tèèpo ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fiẹtinámù àti Íńdíà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń lò nínú kọ̀ntéénà tí wọ́n tì pa. Kóró tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ á làágùn níbẹ̀, á sì bu. Ohun tí alágbàtà ń bẹ̀rù nìyẹn nígbà tó bá ń ki ọwọ́ sínú àpò yín.

Síláìdì 4. Kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ẹ ro abẹ́ igi mọ́ tónítóní, títí dé ibi tí ẹ̀ka nà dé. Kóró tó bọ́ sínú koríko, ọwọ́ kò ní tètè rí i, òjò á sì bá a níbẹ̀. Ọyẹ́ ló tún wà níta báyìí, gbogbo ewé ti gbẹ, iná kan ṣoṣo tí ọlọ́dẹ tàbí darandaran bá dá lè jó oko ọdún mẹ́wàá run ní ọ̀sán kan. Ẹ ro ìlà tó fẹ̀ tó ọ̀nà ọkọ̀ yí oko ká, kí ewé gbígbẹ má ṣẹ́ kù sórí rẹ̀. Ẹ bá ẹni tí ẹ jọ pààlà sọ̀rọ̀ kí òun náà ro tirẹ̀, torí iná kì í mọ ààlà.

Síláìdì 5. Kóró méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan bọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá gbọn èkejì. Lóde, wọ́n jọra. Nígbà tí a gé wọn, ọmọ inú ti àkọ́kọ́ kún, ó sì funfun. Ti èkejì ti hunjọ, kò kún èèpo rẹ̀. Mo mọ̀ pé olè máa ń dé oko, mo sì mọ̀ pé owó ilé ìwé kì í dúró de kajú. Síbẹ̀, ẹ má gbọn igi. Ẹ jẹ́ kí ó bọ́, kí ẹ máa ṣà á ní ọjọ́ méjì-méjì, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣà á lójoojúmọ́. Kóró tó sùn sórí ilẹ̀ tútù á dúdú, òmíràn á tilẹ̀ fẹ́ hù.

Síláìdì 6. Ẹ yí kóró kúrò lára ohun rírọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣà á gan-an, kí ẹran ara rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ kóró. Ẹran tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló ń fa eèrà àti ìbu.

Síláìdì 7. Ibí ni mo ti pẹ́ jù, torí ibí ni owó ti ń sọnù jù. Bí kóró bá ṣe kúrò lára ẹran ni kó dé inú oòrùn. Ojú símẹ́ǹtì tó mọ́ ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ tapólì. Ẹ tẹ́ kóró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan má gorí èkejì jù, kí ẹ sì máa rò ó ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, torí ìrì òru á dá omi tí oòrùn fà jáde padà sínú rẹ̀. Oòrùn gidi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán, ilẹ̀ ń mí omi sókè. Ẹ má sì sá a sí etí títì: yàtọ̀ sí òkúta àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu níbẹ̀.

Ẹ bi mí bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ti gbẹ láìní ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ mì í sí etí. Èyí tó gbẹ á máa ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, torí ọmọ inú rẹ̀ ti sún kúrò lára èèpo. Ẹ fi èékánná tẹ ara rẹ̀: bí ojú èékánná bá hàn, ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gé mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì náà, kì í ṣe láti òkè nìkan, kí ẹ wò bóyá ọmọ inú wọn ti sún kúrò lára èèpo. Lórí ẹ̀rọ alágbàtà, ohun tó ń fẹ́ ni kí omi inú rẹ̀ wà láàárín 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Síláìdì 8. Ìṣirò yìí dun àwọn kan lára. Ká ní ẹ ní kílò 100 kajú tútù, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kílò 80 ni kajú gan-an. Bó bá gbẹ dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 80 yẹn á wá jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ á kù sí bíi kílò 89:

100 − 20 = 80
80 ÷ 0.9 = 88.9

Bàbá kan ní, “Ṣé kí n wá fi kílò mọ́kànlá ta oòrùn lọ́rẹ ni?” Ìdáhùn mi ni pé omi ni kílò mọ́kànlá yẹn, alágbàtà sì mọ̀ ọ́n. Bí kò bá yọ ọ́ lórí ìwọ̀n, á yọ ọ́ lórí iye owó, ohun tí á sì yọ lè ju mọ́kànlá lọ, torí kò mọ ibi tí omi náà dé. Ẹni tí kajú rẹ̀ gbẹ ló lè sọ pé òun kò gbà, kó gbé e padà sílé. Ẹni tí tirẹ̀ tutù kò lè dúró, á bu mọ́ ọn lọ́wọ́.

Síláìdì 9. Lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò, KOR, ìwọ̀n ọmọ inú tó ṣeé jẹ nínú àpò kílò 80 ni, pọ́n-ùn, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 453.6, ni wọ́n sì fi ń kà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní awo nínú. Wọ́n á bu kílò kan láti àwọn àpò, wọ́n á gé kóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á yọ ọmọ inú, wọ́n á sì yà á sọ́tọ̀: èyí tó dára, èyí tó ní àbàwọ́n tàbí tí kò gbó dáadáa, àti èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n á ka gbogbo ìwọ̀n èyí tó dára, ìdajì ìwọ̀n èyí tó ní àbàwọ́n, wọn kò ní ka èyí tó bàjẹ́ rárá. Bí èyí tó dára bá jẹ́ gíráàmù 250, tí èyí tó ní àbàwọ́n sì jẹ́ gíráàmù 40, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

250 + (40 ÷ 2) = 270
270 × 80 ÷ 453.6 = 47.6

Kajú yẹn mú 47.6, ó sì dára. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé tiyín mú 42, ẹ ní kó gé e lójú yín. Ẹ wo ibi tó ti bu kílò náà, ẹ wo ohun tó pè ní àbàwọ́n. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Síláìdì 10. Àpò kòkó ni kí ẹ lò, torí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àpò ajílẹ̀ àti àpò ọ̀rá ń pa ooru mọ́, kajú á làágùn nínú wọn bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ jẹ́ kí kóró tutù lẹ́yìn oòrùn kí ẹ tó dì í. Orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kó má sì bá ajílẹ̀, kẹrosíìnì tàbí oògùn oko wà nínú yàrá kan náà.

Síláìdì 11. Epo inú èèpo kajú ń bó ara. Ẹ má fi eyín pa á, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi eyín pa á. Bí ẹ bá fẹ́ yan díẹ̀ jẹ nílé, ìta gbangba ni kí ẹ ti yan án, kí èéfín rẹ̀ má kan ojú.

Síláìdì 12. Ìbéèrè ni. Ìyá kan láti Ìkòyí-Ilé bèèrè bóyá kí wọ́n da kajú tí òjò pa nù. Rárá, mà. Ẹ sá a lọ́tọ̀, ẹ dì í lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé òjò pa á. Bí ẹ bá pò ó mọ́ èyí tó dára, àbàwọ́n rẹ̀ ló máa sọ iye gbogbo àpò. Ọ̀dọ́kùnrin kan bèèrè ibi tí òun ti lè rí irúgbìn tó dára. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn kan kajú náà. Ẹ lọ bèèrè níbẹ̀ kí ẹ tó ra irúgbìn tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ lọ́jà.

A ó tún pàdé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, ní gbọ̀ngàn tí a ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Tákìé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí oníkálukú mú kílò kan kajú tirẹ̀ tó ti gbẹ dání, kó kọ orúkọ oko rẹ̀ sára ọ̀rá tó fi dì í. Ọ̀bẹ àti ìwọ̀n á wà níbẹ̀, a ó sì gé e lójú gbogbo wa.