Orúkọ ilé-iṣẹ́ géèmù wa: ìdí tí mo fi mú Ìṣáná

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ ní kí n kọ èrò mi sílẹ̀ kí a tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìṣáná ni mo mú. Erélọ́wọ́ ló tẹ̀ lé e. Tikodun ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Àfiwé ni Ìṣáná. Géèmù tí à ń ṣe kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan: a ṣá a, ó tàn, ó kú, a tún ṣá òmíràn. Kò sí àlàyé tí a máa ṣe. Ìrókò, Idì àti Ìràwọ̀ tí a kọ́kọ́ kà sílẹ̀ náà jẹ́ àfiwé, ṣùgbọ́n báǹkì ló yẹ kó máa jẹ́ wọn. Kò sí eré nínú wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ará Fínláǹdì tó ń jẹ́ Relude láti 2003 sọ ara wọn di Rovio ní 2005, iná ńlá ìta gbangba sì ni rovio ní èdè wọn. Iná tiwa kéré jù ú lọ, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé a wo ìwé wọn kọ.

Àkànpọ̀ ni Erélọ́wọ́. Ó sọ iṣẹ́ wa lójú ẹsẹ̀, bíi Gameloft. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó ń wá géèmù lórí fóònù kì í fi àmì sí i. Ẹ tẹ "Erelowo", kí ẹ kà á sókè. Ṣé eré tó wà lọ́wọ́ ni, àbí eré tó lówó lórí? Àwa tí a ní ọ̀fẹ́ ni géèmù wa! Tí a bá sì ṣe géèmù kọ̀ǹpútà lọ́la, orúkọ náà yóò máa fà wá sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àdádá ní àǹfààní kan: ó ṣòro kí ẹlòmíràn ti gbà á. George Eastman, ẹni tó ń ṣe kámẹ́rà, hun Kodak fúnra rẹ̀ ní 1888 torí ó fẹ́ràn lẹ́tà K. Ṣùgbọ́n ìpolówó la fi ń kún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, a ò sì ní owó ìpolówó. Vazumi tí a kà sílẹ̀, ẹnu wa ń sọ ọ́ di Fasumi. Tikodun ló burú jù, ẹ rọra kà á: tí kò dùn. Ẹni tó fẹ́ bú wa kò ní láti kọ nǹkan kan mọ́.

Kí a tó gbé géèmù kankan sórí Google Play, ẹ jẹ́ ká wá Isana nínú ìwé àmì ìdámọ̀ ọjà, ní kíláàsì 9, ti sọ́fítíwíà, àti 41, ti eré ìdárayá. Ọjà ìtọ́jú ara kan ń jẹ́ Isana ní Jámánì, ṣùgbọ́n kíláàsì 3 nìyẹn. Àwárí yìí kò ṣeé fi sẹ́yìn, torí tí orúkọ ìdámọ̀ áàpù bíi `com.isana.ere1` bá ti jáde, kò ṣeé yí padà mọ́ lórí géèmù yẹn. Tí ẹlòmíràn bá ti gbà á ní kíláàsì méjèèjì yìí, mo fara mọ́ Erélọ́wọ́.