Ìwé Ìkìlọ̀ Lórí Pípẹ́ Dé Ibi Iṣẹ́

Ilé Búrẹ́dì, Sábó,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí: Abilékọ Mùsílíátù Bákàrè, ẹni tó ń ka búrẹ́dì fún àwọn oníbúrẹ́dì.

Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé yìí ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí a máa kọ sílẹ̀ fún yín lórí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ jù mí lọ, mo sì mọ̀ pé kò rọ àgbà lọ́rùn láti gba irú ìwé báyìí lọ́wọ́ àbúrò. Àmọ́ a ti fẹnu sọ ọ́, a ti fún yín ní kúèrì, kò yí padà. Èdè tí a jọ ń sọ nídìí ààrò ni mo fi kọ ọ́, kí ó lè yé tèmi-tiyín bákan náà.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni iṣẹ́ yín ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí a gbà yín síṣẹ́ lọ́dún 2022. Láti Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, títí di Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá, ìgbà 16 lẹ ti pẹ́ dé. Mo yọ méjì kúrò nínú rẹ̀: àárọ̀ tí àgbàrá gba ọ̀nà, tí èmi gan-an kò rí ilé jáde, àti ọjọ́ tí ẹ gbé ìyá yín lọ sí ọsibítù, tí ẹ sì pè mí kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Ó ku 14. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n kò ka ìyẹn mọ́ ọn rárá. Ní 12 Oṣù Kẹsàn-án, aago 6:40 lẹ wọlé. Ní 22, aago 7:05. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀ tó kọjá, 10 Oṣù Kẹwàá, aago 7:20.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Jímọ̀ yẹn ṣe rí, torí ẹ kò sí níbẹ̀. Búrẹ́dì ti kúrò nínú ààrò láti aago márùn-ún, ó ti tutù tó láti wọ ọ̀rá. Àwọn oníbúrẹ́dì mẹ́sàn-án ló dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo wọn. Èyí tó ń lọ sí Òwútù ní àwọn ọmọ iléèwé ti ń kọjá, àwọn tó ń lọ wọkọ̀ Máìlì 12 sì ti lọ tán. Ta ló wá fẹ́ tà á fún? Mo bọ́ síbẹ̀, mo ń kà á fúnra mi. Mo ka 240 fún ẹnì kan, mo tún un kà, ó di 236. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí a máa fi ṣírò ní alẹ́, búrẹ́dì 11 ni a kò mọ ibi tó gbà, obìnrin méjì sì ti bínú lọ ra ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì padà wá títí di òní. Ẹni tí búrẹ́dì ò bá tẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ kò tún ní ohun tó máa fi ṣe lọ́sàn-án, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dùn mí ju pípẹ́ yẹn lọ. Ní Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá, aago 6:00 lẹ kọ sínú rẹ́jísítà. Ìwé máígádì ní aago 6:50 ni òun ṣílẹ̀kùn fún yín. N kò tíì dá ẹjọ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé máígádì ló ṣì í kọ, ó lè jẹ́ pé ẹ kàn kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín pé n kò ní fi irọ́ lórí ìwé wé pípẹ́. Ẹni tó ń bá mi ka ọjà kò gbọdọ̀ ṣi aago kọ fún mi.

A ti jọ sọ̀rọ̀ yìí ní 8 Oṣù Kẹsàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò fúláwà, àwa méjì péré. Mo fún yín ní kúèrì ní 23, ẹ sì fèsì ní 25. Mo ka èsì yẹn dáadáa. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Ìmọ́tà, ọkọ̀ kì í yá láàárọ̀, kórópe kì í sì í gbéra àfi tó bá kún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni méjì míì ń ti ọ̀nà ibẹ̀ wá, wọ́n sì ń bá a dé, torí pé ilé ni wọ́n ti ń tètè jáde. Ọjọ́ orò tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ìyẹn kò kan ìwé yìí. A kì í kà á sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn níbí.

Láti òní, ìwé yìí máa wà nínú fáìlì yín fún oṣù mẹ́fà, títí di 14 Oṣù Kẹrin, 2026. Tí ẹ bá ń tètè dé títí ìgbà náà, èmi fúnra mi ni n ó yọ ọ́, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsọ fún wa ṣáájú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí òní, a máa pè yín jókòó. Ẹ lè mú ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dání. Ibi tí ìjókòó yẹn lè já sí ni kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a máa fún yín ní ìwé ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ṣe là á kalẹ̀ fún ẹni tó ti lo ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì pé márùn-ún.

N kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù yín nítorí pípẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú. Òfin kan náà yẹn kò gbà pé kí ọ̀gá máa bu owó ìtanràn sí òṣìṣẹ́ lórí, èmi náà kò sì fẹ́ ẹ.

Ohun tí mo lè ṣe nìyí. Iṣẹ́ fífi búrẹ́dì sí ọ̀rá ti ọ̀sán ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé aago mẹ́fà kò ní ṣeé ṣe láti Ìmọ́tà, ẹ kọ ọ́ fún mi kó tó di Jímọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá, mo máa gbé yín síbẹ̀. Owó oṣù kò ní dín; owó ọkọ̀ àárọ̀ nìkan ni a kò ní san mọ́. Mo máa pàdánù ọwọ́ tó mọ búrẹ́dì í kà jù lọ nílé yìí, n kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí n mọ ibi tí mo dúró.

Láti ọdún 2022, owó kò dín lọ́wọ́ yín rí, mo sì kọ ìyẹn sínú fáìlì kan náà.

Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí ẹ dá a padà sí ọ́fíìsì lọ́la. Ìfọwọ́sí yẹn kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo kọ, ó kàn fi hàn pé ó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èyí tí ẹ kò bá gbà, pàápàá ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà yẹn, ẹ kọ èsì rẹ̀ fún mi kó tó di Jímọ̀, tàbí kí ẹ wá bá mi lẹ́yìn aago mẹ́wàá, nígbà tí èrò bá ti dín lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni,
Fọláṣadé,
Olùdarí.