Mẹ́mò: Ìlànà kan ṣoṣo fún títẹ àwọn lẹ́tà tó ń wọlé

Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó Ọ́fíìsì, Ìbàdàn
Sí: Gbogbo atẹ̀wé àti òṣìṣẹ́ yàrá fáìlì
Ẹ̀dà sí: Àwọn agbẹjọ́rò
Ọjọ́: 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa yóò máa gbà tẹ lẹ́tà tí a bá ti síkáànì. Ohun tí ẹ bá rí nínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má tẹ ohun tí ẹ rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa kan kọ̀wé pé ilẹ̀ òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 110. Ẹni tó tẹ lẹ́tà náà sọ ọ́ di 50 sí 100, nítorí pé bí púlọ́ọ̀tì ṣe sábà máa ń rí n'Ìbàdàn níbí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ire ló rò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 10 yẹn gan-an ni ọkùnrin náà àti aládùúgbò rẹ̀ ń jà lé lórí, èsì wa sì ti jáde pẹ̀lú 100 kí ẹnikẹ́ni tó padà wo ìwé gidi. Bákan náà, ìyá àgbà kan kọ ọ́ sí wa pé "Won gba oko mi", láìfi àmì kankan sí i. Lójú ìwé kìíní, a tẹ "oko mi". Ẹlòmíì ló tẹ ojú ìwé kejì, ó sì sọ ọ́ di "ọkọ mi". Bóyá oko ni wọ́n gbà lọ́wọ́ màmá, bóyá ọkọ ni, agbẹjọ́rò ló máa bi wọ́n. Kì í ṣe atẹ̀wé ló máa pinnu rẹ̀.

Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì ohùn tàbí ìlà sábẹ́ lẹ́tà, ẹ má bá a fi sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó ń kọ̀wé sí wa ló ti ka ìwé tán kí àkọtọ́ 1974 tó dé, àwọn ṣì ń kọ aiye, enia, nwọn, yio àti Oshogbo. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àṣìkọ, ì báà jẹ́ lẹ́tà Yorùbá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí olúkúlùkù pa AutoCorrect orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Òkè fáìlì nìkan ni àkọtọ́ òde òní ti wúlò: orúkọ ẹni tó kọ̀wé, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí òǹtẹ̀ wa fi hàn pé lẹ́tà dé, àti nọ́ńbà fáìlì. Ibẹ̀ ni a ó ti máa wá nǹkan, kí àmì rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo wá "Ọ̀yọ́" lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì 3 péré ló jáde, bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ogún lọ. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Ojú kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni. Kíbọ́ọ̀dù tí mo gbé sórí ẹ̀rọ yín ni kí ẹ máa lò, tó ń tẹ ẹ (U+1EB9), ọ (U+1ECD) àti ṣ (U+1E63). Orúkọ fáìlì yóò rí báyìí: `2025-10-13_0417.docx`.

Ibi tí kò bá hàn, ẹ kọ [kò ṣeé kà]. Bí ẹ bá fura sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i: [oko?]. Èyí tí òǹkọ̀wé fagi lé, ẹ kọ [fagi lé: ] kí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e nínú àkámọ́ kan náà. Òǹtẹ̀, ìbuwọ́lùwé àti ìtẹ̀ka, ẹ dárúkọ wọn níbi tí wọ́n wà gan-an. Ìtẹ̀ka ẹni tí kò mọ̀wé ṣe pàtàkì bí ìbuwọ́lùwé ọ̀gá.

Nọ́ńbà ló ń bà mí lẹ́rù jù. 1 àti 7 máa ń jọra, 0 àti 6 náà, pàápàá nínú síkáànì tó ṣú. Ẹ má fi iye tó "yẹ" dípò èyí tó wà níbẹ̀. Bí owó tí a fi nọ́ńbà kọ bá yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ tẹ méjèèjì bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ fún agbẹjọ́rò tó ni ẹjọ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pe ẹlòmíì kó di ìwé gidi mú, kí ẹ̀yin ka gbogbo nọ́ńbà sókè sí i létí. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Mo ti tún lẹ́tà ìyá àgbà yẹn àti ti ilẹ̀ náà tẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀dà wọn wà lára pátákó ìsọfúnni fún àpẹẹrẹ. Ẹni tí ohun kan bá rú lójú, kó wá bá mi kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó pé.